Bí A Ṣe Ń Yẹ Akọ́ṣẹ́ Télọ̀ Wò: Síkẹ́ẹ̀tì Onísípù Kan, Gbólóhùn Mẹ́jọ

Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, bí ọmọṣẹ́ bá fẹ́ gba fíríídọ̀mù, ọ̀gá á ní kó lọ rán nǹkan kan wá. Ọmọ náà á rán an, ọ̀gá á yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún, á ní "ó dáa" tàbí "ó ṣì kù díẹ̀." Bí ẹ bá bi í pé kí ló kù, á ní ọwọ́ rẹ̀ kò tíì balẹ̀. Ọmọ náà á padà sídìí ẹ̀rọ láìmọ ohun tó yẹ kó tún ṣe. Ọ̀gá míì tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni àkọ́kọ́ lè wo aṣọ yìí kan náà kó sì ní ó ti yege. Ohun tó ń fa èyí ni pé wọn kò tíì jọ sọ ohun tí wọ́n fẹ́ rí kí wọ́n tó gbé aṣọ lé ara wọn lọ́wọ́.

Àyẹ̀wò tó ń lo gbólóhùn ìmọ̀-ọ́n-ṣe ń yanjú èyí. A ó kọ ohun tí akọ́ṣẹ́ gbọ́dọ̀ lè ṣe sílẹ̀ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ní ọ̀nà tí ojú lè rí i tàbí kí tépù wọ̀n ọ́n, a ó sì dá gbólóhùn kọ̀ọ̀kan lóhùn lọ́tọ̀: ó ti ṣe é, tàbí kò tíì ṣe é. A kì í fún un ní máàkì, a kì í sì í fi èyí tó dára bo èyí tí kò dára mọ́lẹ̀. Irú àyẹ̀wò yìí ni àjọ NBTE tó wà ní Kàdúná, tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ àti iṣẹ́ ọwọ́, ń lò fún ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ní kí ṣọ́ọ̀bù kékeré tàbí ẹgbẹ́ aránṣọ àdúgbò má lò ó. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo máa fi ṣàlàyé rẹ̀ níbí, ìyẹn síkẹ́ẹ̀tì ankara onísípù. Ẹni tó bá jẹ́ wẹ́dà lè gba ọ̀nà kan náà pẹ̀lú irin tirẹ̀.

Kọ́kọ́ mú iṣẹ́ náà, kí o sì so ó mọ́lẹ̀

Ìdí tí mo fi mú síkẹ́ẹ̀tì ni pé wákàtí mẹ́rin tó fún akọ́ṣẹ́ láti wọn ara, gé e, rán an, kó sì lọ̀ ọ́, tí ọ̀pọ̀ ohun tó le nínú iṣẹ́ télọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Dáàtì wà níbẹ̀, sípù wà níbẹ̀, bẹ́ǹdì ìbàdí àti ìṣẹ́tí wà níbẹ̀. Ìró àti bùbá kò ní fi púpọ̀ hàn wá nítorí pé kì í fún mọ́ ara. Kóòtù máa gba ọjọ́ mélòó kan, olùyẹ̀wò kò sì lè jókòó tì í tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń jẹ́ "so ó mọ́lẹ̀" ni pé gbogbo akọ́ṣẹ́ tí a fẹ́ yẹ̀ wò gbọ́dọ̀ gba ohun kan náà. Síkẹ́ẹ̀tì tó dé orúnkún, tó ṣí díẹ̀ nísàlẹ̀, tí sípù rẹ̀ wà láàárín ẹ̀yìn. Ankara yáàdì méjì, sípù 8 ínṣì, gọ́ọ̀mù fún bẹ́ǹdì, húùkù kan, òwú tó bá aṣọ mu. Ẹni tí yóò wọ aṣọ náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ gan-an. Ẹ má ṣe fún akọ́ṣẹ́ ní ìwọ̀n tí a ti kọ sórí bébà, torí kó lè wọn ara fúnra rẹ̀ wà lára ohun tí a fẹ́ rí. Ká ní ẹni náà jẹ́ ìbàdí 28, ìdí 38, gígùn 24. Olùyẹ̀wò á ti wọ̀n ọ́n kalẹ̀ kí akọ́ṣẹ́ tó dé, á sì pa á mọ́ sínú ìwé tirẹ̀.

Mo gbà yín nímọ̀ràn pé kí ankara náà má ṣe ní àwòrán ńlá tó gbọ́dọ̀ dojú kọra wọn lẹ́yìn. Títo àwòrán aṣọ pọ̀ ní iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, bí ẹ bá kó o mọ́ èyí, ẹ kò ní mọ̀ bóyá sípù ló ṣòro fún ọmọ náà ni tàbí àwòrán.

Kọ gbólóhùn tí ẹni méjì kò lè jiyàn lé lórí

Ibí ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sáré kọjá. Ẹ wo gbólóhùn tí mo sábà máa ń rí nínú ìwé àyẹ̀wò: "Akọ́ṣẹ́ mọ bí a ṣe ń rán sípù dáadáa." Kò sóhun tí ẹnikẹ́ni lè fi èyí ṣe. "Mọ̀" wà nínú orí, a kò lè rí i. "Dáadáa" wà lọ́wọ́ ẹni tó ń wò ó. Bí ọ̀gá kan bá ń rán aṣọ ìgbéyàwó, "dáadáa" tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń rán yúnífọ́ọ̀mù ọmọ ilé-ìwé.

Ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ "mọ̀" sí ohun tí ọwọ́ ń ṣe: ó rán sípù 8 ínṣì sí àárín ẹ̀yìn síkẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ipò tó ti ṣe é kún un: pẹ̀lú fúùtù sípù, lórí ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀, láìsí ẹni tó ń sọ fún un. Èyí tó kù ni òṣùwọ̀n, èyí tí tépù tàbí ojú yóò fi dájọ́. Ẹ bi ara yín pé, báwo ni sípù tí kò dáa ṣe máa ń rí? Etí òkè rẹ̀ kì í dọ́gba bí ẹ bá fà á pa. Eyín rẹ̀ máa ń yọjú níbi tó yẹ kí aṣọ bò ó. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ máa ń wú. Ìlà rírán rẹ̀ máa ń súnmọ́ eyín níbì kan, kó jìnnà síbòmíràn, títí tí orí sípù á fi máa kọ́ aṣọ. Ẹ yí àwọn àléébù yẹn padà, òṣùwọ̀n yín nìyẹn.

Gbólóhùn náà wá di báyìí: *Ó rán sípù 8 ínṣì sí àárín ẹ̀yìn síkẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú fúùtù sípù, láìgba ìrànlọ́wọ́, nígbà tí sípù bá wà ní pípa, etí òkè méjèèjì kò fi ju 1/8 ínṣì lọ yàtọ̀ síra, ìlà rírán jìnnà sí ojú àárín ní 1/4 ínṣì lápá méjèèjì láti òkè dé ìsàlẹ̀, aṣọ bo eyín, ìsàlẹ̀ kò wú.*

Ẹ lè béèrè pé báwo ni mo ṣe mú 1/8 ínṣì. Ìdí kan ni pé tépù télọ̀ tó wà lọ́wọ́ gbogbo wa fi 1/8 hàn kedere. Ohun tó bá kéré ju ìyẹn lọ, ariyanjiyan ni yóò dá sílẹ̀. Ìdí kejì ni pé bí ìyàtọ̀ bá ti kọjá ibẹ̀, bẹ́ǹdì ìbàdí á tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹni tó bá dúró sẹ́yìn oníbàárà nílé ìjọsìn á rí i. Kí òṣùwọ̀n máa wá láti ibi tí oníbàárà ti máa ráhùn ni mo fẹ́, kì í ṣe láti inú ìwé. Bí ẹ bá sì sọ pé kò gbọ́dọ̀ yàtọ̀ rárá, ẹ ó já àwọn ọ̀gá pàápàá kulẹ̀.

Ìwé àyẹ̀wò náà

Mẹ́jọ ni mo gbà pé ó tó. Mo ti rí ìwé tí ó ní ogójì, kò sì sí olùyẹ̀wò tó ń kà á tán. Ṣe ni wọ́n ń fi bírò fa ìlà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

1. Ó wọn ìbàdí, ìdí àti gígùn lára ẹni tí yóò wọ aṣọ, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ju 1/2 ínṣì yàtọ̀ sí ti olùyẹ̀wò.
2. Kó tó fọwọ́ kan aṣọ gangan, ó rán àjákù ankara wò, ó sì tún òwú ṣe títí ojú òkè àti ìsàlẹ̀ fi rí bákan náà, tí ẹsẹ̀ òwú sì jẹ́ 10 sí 12 nínú ínṣì kan.
3. Ó tẹ́ bátànì kalẹ̀ kí ó jìnnà bákan náà sí etí aṣọ lókè àti nísàlẹ̀, ó fi àláwáǹsì 1 ínṣì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti lẹ́yìn kó tó gé e.
4. Àwọn dáàtì tó dojú kọra gùn bákan náà, ìyàtọ̀ kò ju 1/8 ínṣì. Ibi tí wọ́n parí sí kò yọ gongo lẹ́yìn tí a bá lọ aṣọ.
5. Sípù, gẹ́gẹ́ bí a ṣe kọ ọ́ lókè.
6. Fífẹ̀ bẹ́ǹdì ìbàdí dọ́gba yíká, ìyàtọ̀ kò ju 1/8 ínṣì. Gọ́ọ̀mù inú rẹ̀ kò ká, húùkù bá ojú ihò rẹ̀ pàdé.
7. Bí ẹni náà bá wọ̀ ọ́ tó sì dúró, ìṣẹ́tí jìnnà sílẹ̀ bákan náà yíká, ìyàtọ̀ kò ju 1/4 ínṣì. Òwú ìṣẹ́tí kò hàn lójú òde.
8. Ní gbogbo àkókò iṣẹ́, ó ń gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dàlì kó tó fọwọ́ kan abẹ́rẹ́, kò fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná dojú bolẹ̀ sílẹ̀, kò sì fi píìnì sẹ́nu.

Ẹ ó rí i pé n kò kọ "ó ń bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá" tàbí "ó jẹ́ ọmọlúàbí" síbẹ̀. Ìyẹn ṣe pàtàkì nínú ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n kò sí nínú síkẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá fi í sínú ìwé yìí, ọmọ tó ń bu omi fún ọ̀gá láràárọ̀ ni yóò kọ́kọ́ gba fíríídọ̀mù.

Mọ ohun tí o gbọ́dọ̀ fojú rí àti èyí tí aṣọ á sọ fún ọ

Gbólóhùn kẹrin, ìkẹfà àti ìkeje, ara aṣọ ni ẹ ó ti rí i. Ẹ lè wò wọ́n lọ́la. Ṣùgbọ́n ìkíní, ìkejì àti ìkẹjọ kò sí lára aṣọ. Bí ẹ kò bá sí níbẹ̀ nígbà tó ń ṣe é, ẹ kò rí i. Aṣọ kò lè sọ bóyá ẹsẹ̀ akọ́ṣẹ́ wà lórí pẹ́dàlì nígbà tó ń pààrọ̀ abẹ́rẹ́. Nítorí náà, kí ẹ wà níjókòó fún ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí ẹ má ṣe dé nígbà tó bá ń ṣẹ́tí lọ́wọ́.

Ìkẹta àti ìkarùn-ún nílò méjèèjì. Aṣọ tí wọ́n gé wọ́ lè máà tíì fi hàn lọ́jọ́ náà. Ó di ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó yí wá sí iwájú. Ẹ fi tépù wọ̀n ọ́n nígbà tí bátànì ṣì wà lórí tábìlì: láti ìlà àárín bátànì dé etí aṣọ, lókè, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n nísàlẹ̀. Ní ti sípù, aṣọ máa fi àṣìṣe hàn, ṣùgbọ́n ọwọ́ akọ́ṣẹ́ ló máa fi ohun tó fà á hàn.

Àwọn nǹkan kan tún wà tí kò ní ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ àyẹ̀wò. Òwú lè má ṣe wàhálà rárá. Ẹ máa fi ìbéèrè wádìí irú ìyẹn lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ bù lára aṣọ kan tí òwú rẹ̀ ń ta kókó lábẹ́, kí ẹ nà án sí i, kí ẹ ní: "Kí lo máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò?" Ìdáhùn tí mò ń retí ni pé yóò tún òwú òkè kì, bóyá ó wọ àwo tẹ́ńṣàn dáadáa, kó tó dé ọ̀dọ̀ báábìn. Ọmọ tó bá sọ pé òun á pe ọ̀gá kò tíì ṣe tán.

Lọ́jọ́ iṣẹ́: ohun tí olùyẹ̀wò á sọ àti èyí tí kò ní sọ

Kí olùyẹ̀wò má jẹ́ ọ̀gá tó kọ́ ọmọ náà níṣẹ́, tó bá ṣeé ṣe. Bí ẹgbẹ́ bá kéré tí kò sí ẹlòmíràn, kí ọ̀gá náà wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n kí ẹlòmíràn mú bírò. Ẹ ka gbólóhùn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ fún akọ́ṣẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, kódà ẹ fún un ní ẹ̀dà kan lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Àwọn kan máa ní ìyẹn ti sọ ìdáhùn fún un. Bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí a fẹ́ sì nìyẹn. Kò sí àṣírí nínú pé sípù gbọ́dọ̀ dọ́gba.

Ẹ jókòó sí apá òsì ẹ̀rọ, sẹ́yìn díẹ̀, níbi tí ẹ ti lè rí ọwọ́ méjèèjì àti ẹsẹ̀. Ẹ dákẹ́. Ó máa ń nira, pàápàá fún ẹni tó ti fi ogún ọdún kọ́ ọmọ níṣẹ́, láti wo akọ́ṣẹ́ tó ń gbàgbé láti gbé fúùtù sílẹ̀ kó má sì sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá sọ̀rọ̀ ní ọ̀nà tó ràn án lọ́wọ́, kí ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbólóhùn náà: "mo ràn án létí fúùtù sípù." Gbólóhùn yẹn kò tíì jẹ́ tirẹ̀ lọ́jọ́ náà. "Ẹ kú iṣẹ́" kò burú, ṣùgbọ́n "Hùnnn!" tí ọ̀gá ń ṣe nígbà tí nǹkan kò bá lọ bó ṣe yẹ, ìrànlọ́wọ́ ni. Gbogbo ọmọṣẹ́ ló mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó lè mú kí ẹ dá iṣẹ́ dúró ni ewu: bí ìka bá wà lábẹ́ abẹ́rẹ́, ẹ má wo ìwé.

Ẹ kọ ohun tí ẹ rí, ẹ má kọ ohun tí ẹ rò. "Ó ń kánjú" jẹ́ èrò. "Ó fa aṣọ láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ nígbà tó ń rán apá ọ̀tún sípù" jẹ́ ohun tí ẹ rí, òun náà ló máa wúlò nígbà tí ẹ bá ń bá ọmọ náà sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Ká ní akọ́ṣẹ́ kan jókòó fún àyẹ̀wò yìí. Ó wọn ìbàdí, ó kọ 28, ìdí, 38 àti 1/4, gígùn, 24. Ìwọ̀n tiyín ni 28, 38, 24. Ìyàtọ̀ wà ní ìdí ṣùgbọ́n kò tó 1/2 ínṣì: ó ti ṣe é. Ó rán àjákù wò, ó yí i dé ẹ̀yìn, ó tún òwú òkè fà díẹ̀, ó tún rán an. Ẹ ka ẹsẹ̀ òwú nínú ínṣì kan, ẹ rí 11. Ó ti ṣe é. Bátànì rẹ̀ jìnnà sí etí aṣọ ní ínṣì 5 lókè àti ínṣì 5 nísàlẹ̀. Dáàtì ẹ̀yìn jẹ́ 5 àti 5, wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ́yìn tó lọ aṣọ.

Ó dé ìdí sípù. Ó fi ẹsẹ̀ òwú gígùn pa ojú ẹ̀yìn dé, ó lọ àláwáǹsì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó dá sípù dé lé e, gbogbo ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ó tákì ìsàlẹ̀ nìkan, ó fi òkè sílẹ̀. Ó rán apá òsì láti òkè wá sísàlẹ̀, ó yí aṣọ, ó rán apá ọ̀tún láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì ń fa aṣọ láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Nígbà tó tú òwú àárín tó sì fa sípù pa, etí òkè ọ̀tún ga ju ti òsì lọ ní 3/8 ínṣì, ibi kan sì wú nítòsí ìsàlẹ̀. Gbólóhùn karùn-ún: kò tíì ṣe é.

Bẹ́ǹdì rẹ̀ dọ́gba ní fífẹ̀, gọ́ọ̀mù kò ká. Ìṣẹ́tí fi 1/4 ínṣì yàtọ̀ níbì kan, ó ṣì wà láàárín òṣùwọ̀n. Ààbò rẹ̀ kò ní àléébù.

Ẹ jẹ́ ká dán ọ̀nà àtijọ́ wò lórí aṣọ kan náà. Ká ní a pín 100 sí i: ìwọ̀n ara 10, ẹ̀rọ 10, gígé 15, dáàtì 10, sípù 20, bẹ́ǹdì 15, ìṣẹ́tí 10, ààbò 10. Ọ̀gá onínúure á fún un ní 10, 10, 14, 9, 9, 13, 7 àti 10. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 82, inú gbogbo èèyàn á dùn, wọ́n á ya fọ́tò. Oníbàárà àkọ́kọ́ tó bá gbé ankara wá fún un máa wọ síkẹ́ẹ̀tì tí ìbàdí rẹ̀ dúró lọ́tùn-ún tó sì sọ̀kalẹ̀ lósì. Máàkì 82 kò ní tún un ṣe. Ìdí nìyẹn tí a kò fi gbọ́dọ̀ ro gbólóhùn pọ̀: kò sí bí ìwọ̀n ara tó péye ṣe lè san gbèsè sípù.

Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ gbé síkẹ́ẹ̀tì síwájú rẹ̀, kí ẹ fa sípù pa, kí ẹ sì bi í pé kí ló rí. Ẹ má tọ́ka. Ká ní ó rí i pé òkè kò dọ́gba. Ìyẹn dára, ojú rẹ̀ ti là. Ẹ wá bi í pé kí ló fà á. Bó bá sọ pé "sípù yẹn ni kò dáa," ẹ mọ̀ pé ìṣòro náà ju ọwọ́ lọ, kò tíì yé e. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé eyín abẹ́ ẹ̀rọ máa ń gbé aṣọ ìsàlẹ̀ lọ síwájú kánkán ju èyí tó wà lókè, nítorí náà èyí tó wà lókè máa ń sún díẹ̀díẹ̀ sẹ́yìn. Bí a bá rán apá kan wá sísàlẹ̀ tí a sì rán èkejì lọ sókè, ìsún méjèèjì á dojú kọ ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Fífà láti ẹ̀yìn ló tún na aṣọ ọ̀tún sí i. Sípù kì í nà, aṣọ ló ń nà. Nítorí náà ló ṣe wú.

Ohun tí ẹ ó kọ fún un, àti bí ó ṣe máa tún un ṣe

Ẹ kọ ìdáhùn gbólóhùn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sínú ìwé, méje "ó ti ṣe é", ọ̀kan "kò tíì ṣe é." Ẹ má kọ "ó já." Lábẹ́ rẹ̀, ẹ kọ ohun tí ẹ rí àti ohun tó máa yí padà, ní ìlà méjì tàbí mẹ́ta: *Etí òkè yàtọ̀ ní 3/8 ínṣì, ìsàlẹ̀ wú. Tákì sípù láti òkè dé ìsàlẹ̀ kó o tó rán an. Rán apá méjèèjì láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Má fa aṣọ láti ẹ̀yìn.* Ọmọ tó bá gbé ìwé yìí délé mọ ohun tó fẹ́ ṣe láàárọ̀ ọ̀la.

Kò ní rán síkẹ́ẹ̀tì tuntun. Owó ankara kì í ṣe eré lásìkò yìí, ohun méje tó ti ṣe kò sì nílò ẹ̀rí kejì. Ẹ ní kó gé ègé ankara méjì tí gígùn wọn jẹ́ ínṣì 12, kó rán sípù 8 ínṣì sí i, kó tún ṣe òmíràn lẹ́yìn rẹ̀ lójú kan náà. Ìdí tí mo fi ní kí ó jẹ́ méjì ni pé sípù kan lè dọ́gba ní oríire. Bí méjèèjì bá wà láàárín 1/8, tí ó sì lè sọ ìdí tí òun fi ń rán láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ẹ yí gbólóhùn karùn-ún sí "ó ti ṣe é," kí ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ fi píìnì so ègé kan mọ́ ìwé rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè lọ́dún tó ń bọ̀ pé báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ọmọ yìí lè rán sípù, ẹ ó fà á jáde.

Ohun kan tún wà tí àwọn ọ̀gá kì í fẹ́ gbọ́. Bí akọ́ṣẹ́ mẹ́ta láti ṣọ́ọ̀bù kan bá dé ibi gbólóhùn kejì tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì mọ bí a ṣe ń tún òwú ṣe, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ọmọ mọ́. Ó lè jẹ́ pé ọ̀gá ni kì í jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan tẹ́ńṣàn, tàbí pé ọjà rírà àti ọmọ gbígbé ni wọ́n ń fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ ṣe. Ìwé gbólóhùn mẹ́jọ yìí máa ń yẹ ọ̀gá náà wò.

Kí ẹni méjì wo aṣọ kan kí ẹ tó lo ìwé náà

Kí ẹ tó fi ìwé yìí yẹ ẹnikẹ́ni wò, ẹ mú síkẹ́ẹ̀tì kan tó ti wà nílẹ̀, kí olùyẹ̀wò méjì lọ dájọ́ rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láìbá ara wọn sọ̀rọ̀, lórí gbólóhùn kẹrin sí ìkeje. Ẹ wá fi ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Níbi tí wọ́n bá ti yàtọ̀, ẹ má ṣe wádìí ẹni tó jàre. Gbólóhùn yẹn ni kò tíì mú. Ìkeje ló sábà máa ń dá ìjà sílẹ̀. Ọ̀kan á dúró jìnnà, á ní òwú ìṣẹ́tí kò hàn. Èkejì á gbé e sún mọ́ ojú, á ní òun rí i. Ẹ wá fi kún un pé "bí a bá wò ó láti ìwọ̀n apá nínà kan, nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán," wọ́n á sì bá ara wọn mu.

Ẹ tún ṣe irú ìyẹn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nítorí ojú èèyàn máa ń yí padà. Bí ẹ bá rí i pé kò sí akọ́ṣẹ́ tí kò ṣe gbólóhùn kan rí, ẹ wò ó bóyá ó ti rọ̀ jù tàbí bóyá òṣùwọ̀n rẹ̀ ni ẹ kì í wọ̀n. Bí ẹ bá sì rí èyí tí ó ju ìdajì wọn lọ kò lè ṣe, ẹ gbé tépù àti síkẹ́ẹ̀tì ti ara yín wá, kí ẹ wọ̀n ọ́n bí ẹ ṣe ń wọn tiwọn. Gbólóhùn tí iṣẹ́ àwọn ọ̀gá fúnra wọn kò bá lè dé, ẹ yí òṣùwọ̀n rẹ̀ padà kí ẹ tó pe akọ́ṣẹ́ tó kàn.